Ta gan-an ni Pọ́ọ̀lù ní kó dákẹ́?

"Ẹ káàsán mà. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sọ́ńdè Sùkúùlù. Àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú kọmití ìjọ wa, àwọn ará dárúkọ mi, àmọ́ pásítọ̀ ṣí Kọ́ríńtì kìíní orí 14, ó ní kí obìnrin dákẹ́ nínú ìjọ, tó bá ní ìbéèrè kó lọ bi ọkọ ẹ̀ nílé. Mùsùlùmí sì lọkọ tèmi. Ṣé Bíbélì ti parí ọ̀rọ̀ yẹn náà nìyẹn?"

Ẹ káàsán, arábìnrin mi. Rárá o, Bíbélì ò parí ẹ̀. Àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbé rárá yẹn nìkan lọ sí mítìn, torí ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn, gbogbo èèyàn á sì ní ẹ̀ ń bá Ọlọ́run jiyàn. Ẹ gbé Bíbélì yín ká jọ kà á, kì í ṣe ẹsẹ 34 nìkan o, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 26.

Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń bá wọn sọ níbẹ̀ ni ariwo. Ìjọ Kọ́ríńtì, tí wọ́n bá pàdé, ẹni tó ń kọrin ń kọrin, ẹni tó ń fèdè fọ̀ ń fọ̀, wòlíì ń sọ tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ á kàn máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá ní kí wọ́n ṣe é létòlétò. Ní ẹsẹ 27 àti 28, ó ní kí àwọn tó ń fèdè fọ̀ jẹ́ méjì, tó bá pọ̀ tán kó jẹ́ mẹ́ta, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò bá sì sí ẹni tó máa túmọ̀, kí ẹni yẹn dákẹ́ nínú ìjọ. Ní ẹsẹ 30, ó ní tí wòlíì kan bá ń sọ̀rọ̀, tí ìṣípayá wá bá ẹlòmíì tó jókòó, kí ẹni àkọ́kọ́ dákẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan ẹsẹ 34, kí àwọn obìnrin dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ló wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ìwé náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mẹ́ta ló wà lójú ìwé kan, àwọn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, dákẹ́ kí ẹlòmíì lè sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbà pé ẹni tó bá ti fèdè fọ̀ láìsí olùtúmọ̀ lẹ́ẹ̀kan ò gbọdọ̀ lanu mọ́ títí ayé ẹ̀.

Ẹ wá bi ara yín, ní fíjìlì ìjọ yín lálẹ́ Fúráìdé, ṣé ẹnì kan máa ń jókòó kó máa ka àwọn tó ń fèdè fọ̀, kó ní ẹni kẹta ti parí, ẹni kẹrin kó dákẹ́? Mo ti lọ sí fíjìlì ní Ìkòròdú, mo lọ ní Èpè, mo lọ ní Badagry, mi ò rí i rí. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkan ṣoṣo ni wọ́n sọ dòfin. Ibẹ̀ yẹn ni àwa tá a fi ojú obìnrin ka ìwé mímọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè wa: ta ló yan ìkan yẹn nínú mẹ́ta, ta sì ni ìyàn náà gbè?

Ẹ tún padà sí orí 11, ẹsẹ 5, ìwé kan náà, ẹni kan náà ló kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ gèlè ni wọ́n máa ń fi ibẹ̀ yẹn wàásù ní ọ̀dọ̀ wa, pé kí obìnrin borí. Àmọ́ ẹ wo ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe tí wọ́n fi ní kó borí. Ó ń gbàdúrà, ó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Níwájú ìjọ ni o, torí orí 14 fúnra ẹ̀ ní ẹsẹ 3 àti 4 sọ pé ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn ló ń bá sọ̀rọ̀, ìjọ ló ń gbé ró. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún ìjọ láìlanu? Pọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹni tó máa sọ pé kí obìnrin borí kó tó sọ̀rọ̀, kó wá tún sọ lẹ́yìn orí mẹ́ta péré pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá, kó má sì rí i pé òun ta ko ara òun.

Ọ̀rọ̀ ọkọ tiyín ló wá dùn mí jù nínú ìbéèrè yín, torí ìwé náà ti mọ irú yín. Orí 7 ẹsẹ 13 sọ̀rọ̀ nípa obìnrin tí ọkọ ẹ̀ kì í ṣe onígbàgbọ́. Orí kan náà yẹn ní ẹsẹ 8 sọ̀rọ̀ nípa àwọn opó àti àwọn tí ò ní ọkọ, ó ní kí wọ́n kúkú wà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú ìjọ Kọ́ríńtì yẹn gan-an, àwọn obìnrin wà tí ò lọ́kọ, àwọn kan wà tọ́kọ wọn ń bọ òrìṣà. Táwọn yẹn bá ní ìbéèrè nípa Jésù, ọkọ wo ni wọ́n fẹ́ bi nílé? Ṣé Alàájì ló máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọmití ìjọ fún yín? Àbí kí opó lọ bi sàréè? Ìmọ̀ràn tí kò bá lè ṣiṣẹ́ fún ìdajì àwọn tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, ó yẹ kéèyàn fura sí i.

Ìfura yẹn náà ló mú àwọn ọ̀mọ̀wé lọ wo àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́. Ẹ rántí pé kí wọ́n tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da Bíbélì kọ, láti ìwé kan sí òmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìwé yẹn, ẹsẹ 34 àti 35 wà níbi tẹ́ ẹ ti rí i nínú Bíbélì yín. Àmọ́ nínú àwọn kan tó wá láti apá ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀yìn ẹsẹ 40 ni wọ́n wà, ní ìparí orí náà pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó bá ń ṣí kiri báyìí, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹnì kan ti kọ ọ́ sí etí ìwé tẹ́lẹ̀, àwọn adàwékọ tó wá lẹ́yìn ò wá mọ ibi tí wọn ì bá fi sí, oníkálukú fi í síbi tó rò pé ó bá a mu. Ẹ tún gbìyànjú èyí fúnra yín: ẹ ka ẹsẹ 33, ẹ fo 34 àti 35, ẹ bọ́ sí 36. Ọ̀rọ̀ wòlíì ló wà ṣáájú, ẹsẹ 37 náà sì ń sọ̀rọ̀ wòlíì, ọ̀rọ̀ á kàn máa ṣàn lọ bí ẹni pé ohunkóhun ò sí láàárín wọn.

Gordon Fee, tí kì í ṣe ẹni tó ń gba Bíbélì ṣeré rárá, pásítọ̀ ìjọ Asẹ́ńbílì ọ́fù Gọ́ọ̀dù ni, òun náà sọ nínú àlàyé tó ṣe lórí ìwé yìí ní 1987 pé kì í ṣe Pọ́ọ̀lù ló kọ ẹsẹ méjèèjì, pé wọ́n fi kún un ni. Àwọn mìíràn ní Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Kọ́ríńtì ló ń tún sọ kó tó bá wọn wí ní ẹsẹ 36, níbi tó ti bi wọ́n pé ṣé ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti jáde wá ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní Pọ́ọ̀lù ló ni ín, àmọ́ àwọn obìnrin kan tó ń dá ìsìn rú pẹ̀lú ìbéèrè ló ń bá wí.

Èwo ni mo fara mọ́? Ti Fee ló jọ mí lójú jù, àmọ́ mi ò fẹ́ purọ́ fún yín, kò sí ìwé àfọwọ́kọ kankan tá a tíì rí tí ẹsẹ méjèèjì ò sí nínú ẹ̀ rárá, ipò wọn nìkan ló ń yí. Tí pásítọ̀ yín bá kàwé díẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ jù sí yín nìyẹn. Ẹ má fi gbogbo ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀. Ó sì tún ní nǹkan kan tí mi ò fara mọ́ nínú iṣẹ́ àwa obìnrin tá a ń kàwé yìí, àwọn kan ń sáré láti wẹ Pọ́ọ̀lù mọ́ ní gbogbo ọ̀nà, bí ẹni pé tá a bá ti fi hàn pé kò sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ká tiẹ̀ ní ó sọ ọ́ ńkọ́? Elisabeth Schüssler Fiorenza, ọ̀mọ̀wé obìnrin tó ń ṣàlàyé Bíbélì, ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ ní 1983 pé òfin tó wà nínú ìwé kì í sọ ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe, ohun tí ẹni tó ṣòfin fẹ́ kí wọ́n ṣe ló ń sọ. Ó sì rí bẹ́ẹ̀, ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sí lára ògiri, àwọn èèyàn ń tọ̀ síbẹ̀ ni. Tí ẹnì kan bá ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí obìnrin dákẹ́, a jẹ́ pé obìnrin ń sọ̀rọ̀ nínú ìjọ náà, ẹnu wọn sì ká ilé.

Ta wá ni àwọn obìnrin yẹn? Ìwé Róòmù orí 16 dárúkọ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ni Fébè ará Kẹnkíríà, ìyẹn èbúté Kọ́ríńtì gan-an, bí Badagry ṣe wà létí omi. Orúkọ iṣẹ́ tí Pọ́ọ̀lù pè é lédè Gíríìkì ni díákónọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Pọ́ọ̀lù ń lò fún ara ẹ̀ àti fún Àpólò ní Kọ́ríńtì kìíní orí 3 ẹsẹ 5, òun náà ló lò fún àwọn díákónì ìlú Fílípì. Àwọn tó tú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Kíngì Jémíìsì ní 1611, nínú àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, tó bá ti jẹ́ ọkùnrin wọ́n á tú u sí òjíṣẹ́ tàbí díákónì, nígbà tó kan Fébè wọ́n tú u sí ìránṣẹ́. Ẹ ṣí Bíbélì tó wà lọ́wọ́ yín wò, ẹ wo ohun tí wọ́n pe Fébè, kẹ́ ẹ wá wo ohun tí wọ́n pe àwọn ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ti Júníà ní ẹsẹ 7 tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Pọ́ọ̀lù ní Júníà àti Andironíkù jẹ́ ẹni iyì láàárín àwọn àpọ́sítélì. Júníà, orúkọ obìnrin ni, ó ju 250 ìgbà lọ tí wọ́n ti rí i nínú àkọsílẹ̀ ìlú Róòmù àtijọ́, àmọ́ Júníásì tó jẹ́ ti ọkùnrin, kò sẹ́ni tó tíì rí ẹnì kan tó ń jẹ́ ẹ nígbà yẹn. Jòhánù Kirisóstómù, bíṣọ́ọ̀bù nílùú Kọnsitantínópù tí èdè Gíríìkì jẹ́ èdè abínibí ẹ̀, ó yin obìnrin yìí pé ọgbọ́n ẹ̀ pọ̀ tó fi yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń pè ní àpọ́sítélì. Kì í ṣe pé bíṣọ́ọ̀bù yẹn fẹ́ kí obìnrin di àlùfáà o, kò fẹ́ ẹ rárá, ìdí tí ẹ̀rí ẹ̀ fi wúwo nìyẹn. Síbẹ̀ nígbà tó yá, àwọn atúmọ̀ èdè sọ ọ́ di ọkùnrin. Ìwé Gíríìkì tí gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò yí àmì orí orúkọ yẹn padà sí ti ọkùnrin ní 1927, ó di 1998 kí wọ́n tó dá a padà. Kì í ṣe pé wọ́n rí ìwé tuntun kankan tí wọ́n fi yí i. Àpọ́sítélì ni, nítorí náà obìnrin ò lè jẹ́, gbogbo ẹjọ́ ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ṣì wà lónìí tó ní ó jẹ́ obìnrin lóòótọ́, àmọ́ àwọn àpọ́sítélì kàn mọ̀ ọ́n ni, kì í ṣe ara wọn. Ẹ kíyè sí i pé àríyànjiyàn yẹn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí tí wọ́n fi gbà pé obìnrin ni.

Èdè tiwa náà dá sí ọ̀rọ̀ Júníà yìí. Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tó yàtọ̀ fọ́kùnrin àti obìnrin, "ó" ni gbogbo wa, nítorí náà tí wọ́n bá ka "ẹ kí Andironíkù àti Júníà" ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ohunkóhun tó máa sọ fún olùgbọ́ pé ìkan nínú wọn jẹ́ ìyá. Tí mo bá lọ sí Badagry, tí mo rí ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní 1845, ohun tí mo máa ń rò nìyẹn. Àjàyí Crowther wà nílùú yẹn láti 1845 sí 1846 kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta, ìwé Róòmù yìí gan-an sì wà lára àwọn ìwé Bíbélì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lédè Yorùbá látọwọ́ ẹ̀, ní 1850. Àwọn ìyá ìyá wa gbọ́ orúkọ Fébè àti Júníà lédè tiwọn kí wọ́n tó gbọ́ odindi Bíbélì, wọn ò sì mọ̀.

Àwọn kan á sọ pé àṣà òyìnbó ló ba obìnrin jẹ́ nílẹ̀ wa, wọ́n á mú ìwé tí ọ̀mọ̀wé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ní 1997 nípa obìnrin nílẹ̀ Yorùbá jáde. Ó la ojú mi gan-an lórí ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé, pé ẹni tó kọ́kọ́ dé agbo ilé ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n láìka akọ tàbí abo. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Ìkòròdú, tí Orò bá jáde, ta ló máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí? Obìnrin ni. Mi ò lè gbà pé ọwọ́ òyìnbó nìkan ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú tèmi ni pé ìdènà méjì pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ti Kọ́ríńtì àti ti agbo ilé wa, ìkan wá ń fi ìkejì gbè ara ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ wo Kérúbù àti Séráfù. Lẹ́yìn ìran tí Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọdébìnrin tí kò ju ọdún 18 lọ, rí ní 1925 ni ẹgbẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, òun àti Mósè Orímọládé ló jọ dá a sílẹ̀. Nígbà tó di 1929 wọ́n pínyà, Abíọ́dún sì kó ẹ̀ka tiẹ̀ lọ, ó ń darí ẹ̀ títí tó fi kú ní 1994. Síbẹ̀ lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ìjọ aláṣọ funfun, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù ò gbọdọ̀ wọlé, obìnrin ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ibi pẹpẹ. Ìran obìnrin ló ṣí ilẹ̀kùn, àwọn obìnrin ló wá kù síta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Èpè nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún 23. Ìyá mi ń ta ẹja, obìnrin tó bá ti sọ iye kan, ọkùnrin wo ló máa bá a jà lórí ẹ̀? Lọ́jọ́ Àìkú kan wọ́n ní kí n ka ẹ̀kọ́ kejì. Mo ti gun àtẹ̀gùn kan, mo ti ṣí Bíbélì, àgbà ìjọ kan dìde níwájú, ó rọra gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, kò pariwo, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ó gbé e fún ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọdún 14. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn ní ìwé kíkà ní Sọ́ńdè Sùkúùlù. Ó ń kà á, ó dé ibi orúkọ kan tó le, ó dúró, ó gbójú wá ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo ti padà lọ jókòó. Mo la ẹnu láìgbé ohùn jáde, mo pe orúkọ náà fún un, ó rí ètè mi, ó kà á, ó ń bá a lọ. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú títí ìsìn fi parí, kò sọ nǹkan kan. Ojú ètè yẹn ni mo fi ń ka ẹsẹ 34 láti ọjọ́ náà. Wọn ò sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n nílò pé kí n mọ̀ ọ́n, kó má kàn jẹ́ ohùn tèmi ni wọ́n á gbọ́.

Tiyín náà rí bẹ́ẹ̀. Fún ọdún 11 tẹ́ ẹ ti ń kọ́ ọmọ wọn, inú ìjọ lẹ ti ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ka ẹsẹ 34 sí yín létí. Àárín àwọn ọmọ yẹn, ọkùnrin wà níbẹ̀. Ìgbà tó kan ibi tí wọ́n ti ń pín owó, tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, ni Pọ́ọ̀lù dé. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ ní mítìn nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ẹ bi wọ́n pé tó bá jẹ́ dákẹ́ ni, ṣé kẹ́ ẹ dákẹ́ ní Sọ́ńdè Sùkúùlù náà láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé kí àwọn obìnrin inú kúọ̀yà dákẹ́, ṣé kí ìyá tó ń jẹ́rìí ọpẹ́ dákẹ́. Ẹ dúró kí wọ́n dáhùn.

Mo lè sọ fún yín ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á kúrò nínú Kọ́ríńtì, wọ́n á lọ sí Tímótì kìíní orí 2 ẹsẹ 12, pé obìnrin ò gbọdọ̀ kọ́ni tàbí lo àṣẹ lórí ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tú sí àṣẹ níbẹ̀ ò sí níbòmíì nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn bóyá àṣẹ lásán ni àbí jíjẹ gàba. Tẹ́ ẹ bá dáhùn ìyẹn, wọ́n á bọ́ sórí Ádámù tí wọ́n kọ́kọ́ dá. Lẹ́yìn ìyẹn ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, lẹ́yìn ìyẹn "bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a." Tí ìdí bá ń yí padà tí ìdájọ́ ò sì yí padà, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ Bíbélì ló dá yín dúró. Níbi tí àlàyé tèmi mọ nìyẹn, torí ìtumọ̀ Gíríìkì ò lè gba ìbò fún yín, mo ti rí àwọn obìnrin tó borí nínú àlàyé tí wọ́n sì pàdánù nínú mítìn.

Nítorí náà ẹ má lọ ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ béèrè ìwé òfin ìjọ yín ṣáájú, ẹ wo bóyá ó sọ pé ọkùnrin ni ọmọ kọmití gbọ́dọ̀ jẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí níbẹ̀ rárá. Àwọn ìjọ ò ṣe bákan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí, Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà ń fi obìnrin joyè àlùfáà, Áńgílíkà Nàìjíríà ò ṣe bẹ́ẹ̀, Bíbélì kan náà sì ni wọ́n ń kà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó dárúkọ yín wà níjokòó, ó dáa tí ọkùnrin bá wà nínú wọn. Tí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé mítìn pé wọ́n kọ orúkọ yín, kó kọ ẹsẹ tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, kó kà á sókè kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Wọ́n máa ń gbé pásítọ̀ lọ síbòmíì, ìwé mítìn ló máa ń kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù.